Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì òbí wa bá ń jò: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ẹbí ní ilẹ̀ Ọ̀kun

Àwọn tí mo ń kọ èyí fún ni àwọn ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Búnú àti Òwórò tí òbí wọn wà nílé, tí àwọn fúnra wọn sì wà l'Ábújá, Ìlọrin, Èkó tàbí òkè òkun. Owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọ akáǹtì àgbàlagbà lóṣooṣù ni mo gbájú mọ́, àti ọwọ́ tó ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. N ó fẹnu ba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n bá tà, ojú á rí i lọ́jọ́ kan. Owó ìfẹ̀yìntì lè máa jò fún ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó mọ̀.

Ta ló sábà máa ń jẹ owó àgbàlagbà níbí?

Bí a bá gbọ́ pé wọ́n ja arúgbó lólè, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yahoo ni ọkàn wa kọ́kọ́ ń lọ. Wọ́n wà, n ó sì dé orí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹni tó ń ran ìyá lọ́wọ́ lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù: ọmọ-ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ àbúrò tí wọ́n mú wá kó máa pọnmi, aládùúgbò tó ní ọ̀kadà, nígbà mìíràn ọmọ bíbí inú rẹ̀ tí nǹkan ò ṣẹnuure fún.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò ní ariwo nínú. Ìyá ò lè dúró lórí ìlà mọ́, ojú rẹ̀ ò sì ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ. Báńkì ò pọ̀ ní àgbègbè wa. Ẹni tó wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìsánlú tàbí Ẹgbẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ kó tó rí ẹ̀rọ ATM, ọ̀nà ò sì fọkàn ẹni balẹ̀ láyé ìjínigbé yìí. Ló bá fi káàdì àti PIN lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó lọ gbowó wá ní POS. Lóṣù àkọ́kọ́, ọmọ gbé gbogbo owó délé. Lóṣù kejì, ó yọ owó ọkọ̀ níbẹ̀. Lóṣù kẹta, ó yá díẹ̀ pé òun á dá a padà, kò sì sẹ́ni tó bi í. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ò gbà pé olè ni àwọn ń jà. Lójú tiwọn, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ fún wọn. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìdáàbòbò tó dára jù wà.

Àmì wo ni kí n máa wò nígbà tí mi ò sí nílé?

Áláàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ìyá bá ní áláàtì ò wọlé sórí fóònù òun mọ́, ẹ má kàn gbà pé nẹ́tíwọ́kì ni. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yí nọ́mbà tó wà ní báńkì padà, tàbí pé síìmù rẹ̀ ti wà nínú fóònù ẹlòmíràn. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló ti dúró. Bó bá sọ pé "látìgbà tí fóònù yẹn ti bàjẹ́ tí wọ́n bá mi ra tuntun", ẹ bi í pé ta ló bá a rà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àwọn nǹkan kéékèèké tí ìyá máa ń san fúnra rẹ̀ tipẹ́: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó ẹgbẹ́ nínú ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí, àjọ tí wọ́n ń dá ládùúgbò, owó iná. Ẹni tí kò jẹ gbèsè ẹgbẹ́ rí láti ogún ọdún, tó wá ń jẹ ẹ́ báyìí, tó ń ra gaàrí láwìn nígbà tí owó rẹ̀ ń wọlé, ọ̀rọ̀ wà nílé rẹ̀. Ẹni tó lè sọ èyí fún yín ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà tàbí ẹni tó ń ta oògùn, torí pé ìyá fúnra rẹ̀ á bò ó.

Ẹ fetí sí bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti béèrè ọ̀rọ̀ owó, tí ohùn ẹlòmíràn sì já wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan láti dáhùn, tàbí tí ìyá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lójijì, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kó gbọ́. Mo sì máa ń fiyè sí gbólóhùn kan: "Ẹ má dà á láàmú, ó ń gbìyànjú." Bí ó bá yára sọ ọ́ kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó ti mọ̀. Ìdí tí kò fi sọ ni pé, bí ọmọ náà bá bínú lọ, ta ni yóò fún un lómi mu lóru?

Aṣọ tuntun àti fóònù olówó ńlá lára ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Àmì tó rọ jù nìyẹn lójú mi. Ó lè rí owó náà níbòmíràn, ẹni tó sì ń kó gbogbo owó sínú tẹ́tẹ́ lè máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà lójoojúmọ́.

Ẹni tó ń bá bàbá gbowó ní ìdajì ni ìjọba san lóṣù yìí. Ṣé ká gbà á gbọ́?

Ó lè jẹ́ òótọ́, ìdí sì nìyẹn tí irọ́ yìí fi ń wọlé ní Kogí. Ẹni tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ ohun tí à ń pè ní pàsẹ́ńtéèjì: fún ọdún púpọ̀, apá kan owó ni wọ́n ń san fún wọn, iye náà sì ń yí padà láti oṣù dé oṣù. Etí wa ti mọ́ ọn dé ibi pé bí wọ́n bá ní "ìdajì ni wọ́n san", a ò béèrè mọ́.

Ẹ wá ẹni tó ń gbowó láti ibì kan náà pẹ̀lú bàbá yín, ẹ bi í ní iye tó wọlé fún òun. Ibì kan náà ni mo sọ o. Owó àwọn tó sin ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ ètò àtijọ́ ń ti ọ̀dọ̀ PTAD wá, ti ìjọba ìpínlẹ̀ yàtọ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀ náà yàtọ̀, nítorí náà ẹ má fi ti ọ̀kan wọn èkejì. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì máa ń ṣe ìpàdé ní àwọn ìlú bíi Kàbà àti Ìsánlú. Ẹnì kan níbẹ̀ á mọ̀. Bí wọ́n bá san odindi fún ẹgbẹ́ rẹ̀, tí bàbá yín sì gba ìdajì lọ́wọ́ ọmọ, ó kù kí ẹ lọ gba ìwé ní báńkì.

Ìwé wo nìyẹn, báwo la sì ṣe ń kà á?

Sítétímẹ́ǹtì akáǹtì ni, ìwé tó to gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Ẹni tó ni akáǹtì ni báńkì ń fún, nítorí náà ìyá ní láti lọ fúnra rẹ̀ tàbí kó fọwọ́ sí lẹ́tà. Ẹ béèrè ti oṣù méjìlá. Wọ́n máa ń gba owó díẹ̀ lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká kà á papọ̀. Ìyá kan jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kó tó fẹ̀yìntì, opó ni, abúlé kan ní Yàgbà ló ń gbé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá a gbowó láti oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìyá ní ₦20,000 lòun ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, àti pé ó máa ń bá òun ra oògùn. Ohun tí ìwé sọ nípa oṣù kan rèé. Lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ₦48,000 wọlé. Lọ́jọ́ kan náà, ₦20,000 jáde ní POS. Lọ́jọ́ yẹn náà, wọ́n fi ₦10,000 ránṣẹ́ sí akáǹtì ẹnì kan tí ìyá ò mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ₦15,000 tún jáde ní POS. Lẹ́yìn náà, wọ́n ra káàdì ìpè ₦1,000 lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tó jáde jẹ́ ₦47,000. Owó táṣẹ́rẹ́ ló kù.

Ẹ má tíì pariwo. Ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tó bófin mu. ₦20,000 dé ọwọ́ ìyá, ó jẹ́rìí sí i. Ẹni tó ń ta oògùn ní nǹkan bíi ₦6,000 ni oògùn rẹ̀ lóṣù. ₦47,000 yọ ₦26,000, ₦21,000 ló kù tí kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó wọlé sí. Bí àwọn oṣù yòókù bá rí bákan náà, oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ ₦189,000.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ojú yín wà lára rẹ̀ nínú ìwé náà. Ọ̀kan ni bí owó ṣe yára jáde tó: àgbàlagbà tó ń ná owó ara rẹ̀ kì í gbá akáǹtì mọ́ láàárín ọjọ́ méjì, ó máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nítorí àìsàn. Ìkejì ni orúkọ tó bá ń padà wá. Ẹni tí wọ́n bá fowó ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ ẹni tó ta ẹja, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà lóṣù mẹ́sàn-án ń gba owó oṣù. Bó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Ìkẹta ni nọ́mbà tí wọ́n ra káàdì ìpè sí, tó máa ń hàn nínú ìwé náà nígbà mìíràn: ẹ wò ó bóyá ti ìyá ni. Ibi tí POS wà náà lè hàn. Bí ìwé bá sọ Lọ́kọ́ja tàbí Okene lọ́jọ́ tí ọmọ ní ìgboro Ìsánlú lòun ti gbowó, ẹ fàlà sí i.

Ṣé kí n pe ọmọ náà kí n bi í ní kété tí mo bá fura?

Rárá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ọmọ tó ní káàdì, PIN àti síìmù lọ́wọ́, tí ẹ wá fi ìbínú pè láti Àbújá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé láti gbá ohun tó kù. Ó sì ní ìyá yín nílé. Ẹ kọ́kọ́ gba sítétímẹ́ǹtì. Kí báńkì ti káàdì àtijọ́ pa, kí wọ́n fún ìyá ní tuntun pẹ̀lú PIN tuntun, kí wọ́n sì yí nọ́mbà fóònù sí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣètò ẹni tí yóò wà nílé pẹ̀lú ìyá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí olórí ẹbí wà níbẹ̀, kí ìwé wà lórí tábìlì.

Ẹ fún un láyè láti ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn a máa ń gbọ́ ohun tí a ò mọ̀: ìyá ló ní kó fi ₦10,000 ránṣẹ́ sí ọmọ kan tí kò fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè mọ̀ pé òun ń bọ́. Owó ìyá ni, ó lè fún ẹni tó bá wù ú. Ohun tí a ń wádìí ni bóyá ó mọ̀, tó sì fọwọ́ sí i.

Láàárín káàdì àti síìmù, èwo ló léwu jù?

Síìmù ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì ni gbogbo wa ń pa mọ́. Bí káàdì bá sọnù, ẹ lè tì í pa, ẹni tó rí i ò sì mọ PIN. Ẹni tó ní síìmù tó wà ní báńkì lè fi nọ́mbà kúkúrú fowó ránṣẹ́ láìsí káàdì rárá, nítorí orí síìmù yẹn ni nọ́mbà ìdánilójú ń wọlé sí, áláàtì tó yẹ kó ta ìyá lólobó sì ń bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó ń jí i. Ó lè fi BVN ìyá yá owó lórí fóònù, kí àwọn tó yá a lówó wá máa pe gbogbo ẹbí.

BVN, nọ́mbà mọ́kànlá tí báńkì fún gbogbo wa láti 2014, kò lè gbowó jáde fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá pàdé síìmù àti káàdì lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ewu dé. Nítorí náà, kí síìmù tó wà ní báńkì wà nínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí ìyá ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí, kó má jẹ́ fóònù tí àwọn ọmọ fi ń wo fídíò.

Ẹ wádìí ohun kan sí i: NIN ta ni wọ́n fi forúkọ síìmù yẹn sílẹ̀? Láti ìgbà tí ìjọba ti pàṣẹ ní 2020 pé kí a so síìmù pọ̀ mọ́ NIN, ọ̀pọ̀ ọmọ ló lo tiwọn fún síìmù ìyá àgbà, torí pé ìyá ò tíì ní NIN nígbà náà. Ẹni tí NIN rẹ̀ wà lórí síìmù ni ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́kì mọ̀ gẹ́gẹ́ bí olówó rẹ̀. Bí ìjà bá dé, òun ló lè lọ gba síìmù náà padà, ìyá ò lè gbà á. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ ra tuntun pẹ̀lú NIN ìyá, kí ẹ mú nọ́mbà náà lọ sí báńkì.

Ètò wo lẹ rò pé ó dáàbò bò ó jù?

Akáǹtì méjì. Mi ò tíì rí ohun tó rọrùn tó sì lágbára tó èyí fún ẹni tí kò lè lọ sí báńkì lóṣooṣù.

Akáǹtì àkọ́kọ́ ni ibi tí owó ìfẹ̀yìntì ń wọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án, torí pé bí ẹ bá yí akáǹtì ìfẹ̀yìntì padà lọ́dọ̀ àwọn tó ń sanwó, owó lè dúró fún oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí báńkì gba káàdì rẹ̀ padà, kí wọ́n sì pa nọ́mbà kúkúrú àti áàpù rẹ̀ lórí fóònù. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀nà tí owó fi lè jáde níbẹ̀ àfi bí ìyá bá lọ sí báńkì, tàbí nípasẹ̀ àṣẹ tó fi lélẹ̀.

Ẹ ṣí akáǹtì kejì ní báńkì kan náà, kí káàdì wà lára èyí. Ẹ wá kọ lẹ́tà kí báńkì máa gbé iye kan láti àkọ́kọ́ sí ìkejì lóṣooṣù, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí owó ìfẹ̀yìntì bá sábà wọlé. Fún ìyá inú àpẹẹrẹ wa, ₦30,000 á tó: ₦20,000 tó ń ná, ₦6,000 oògùn, àti díẹ̀ fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Káàdì yìí ni ọmọ ń mú lọ sí POS. Bí ó bá jẹ gbogbo rẹ̀, oṣù kan péré ló jẹ. ₦18,000 yòókù ń kó jọ lóṣooṣù níbi tí ọwọ́ kankan ò dé, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìyá lọ sí ọsibítù, owó á wà nílẹ̀.

Òfin CBN tó ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lójúmọ́ lọ́wọ́ oní-POS kò lè ran ìyá yìí lọ́wọ́, gbogbo owó oṣù rẹ̀ ò tó ìdajì ìyẹn. Ẹ sọ fún báńkì kí wọ́n dín òdiwọ̀n káàdì kékeré náà kù sí ₦10,000 lójúmọ́ bí wọ́n bá lè ṣe é.

Ibi tí ètò yìí ti ń kùnà ni oṣù tí ìjọba bá pẹ́ sanwó. Bí ọjọ́ tí ẹ yàn bá dé tí kò sí owó nílẹ̀, báńkì ò ní rí nǹkan gbé, ìyá á sì dúró lásán. Ẹ jẹ́ kí owó oṣù kan tàbí méjì kọ́kọ́ wà nílẹ̀ nínú akáǹtì àkọ́kọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ní kí áláàtì akáǹtì méjèèjì máa lọ sórí ímeèlì ọmọ kan tó wà lókè, yàtọ̀ sí ti orí fóònù ìyá. Kí ìyá fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń rí áláàtì ò lè gbowó, ó kàn ń wò ni, ìdí nìyẹn tó fi dára kó jẹ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó ń mú káàdì.

Ìyá ò lè rìn mọ́. Báwo ló ṣe máa dé báńkì?

Ẹ lọ bá mánéjà ẹ̀ka náà, kí ẹ bèèrè bóyá òṣìṣẹ́ wọn lè wá sílé láti ya fọ́tò rẹ̀ àti láti gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣe é fún aláìsàn. Ọ̀nà kejì ni kí ìyá fi lẹ́tà yan ẹnì kan tí báńkì mọ ojú àti ìfọwọ́sí rẹ̀, kí lẹ́tà náà sọ iye tó lè gbà lóṣù. Ìyẹn sàn ju PIN tó wà lẹ́nu ọmọ lọ, nítorí orúkọ ẹni tó gbowó á wà nínú ìwé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí akáǹtì náà sí ti ẹni méjì nítorí ìrọ̀rùn: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ akáǹtì ti ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀.

Ìyá ní òun ò fẹ́ kí a lé ọmọ náà lọ.

Ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ọmọ yìí ló ń dáná, òun ló ń fọ aṣọ, òun ló ń jí lóru nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ro ìyá. Ẹ ṣírò ohun tí ẹ máa san fún ẹni tí ẹ bá gbà síṣẹ́ fún gbogbo ìyẹn, kí ẹ wá bi ara yín ní iye tí ẹ ti fún un láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, òdo ni ìdáhùn. Ẹ yan owó fún un ní gbangba, kí àwọn ọmọ ìyá dá a láàárín ara wọn, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí akáǹtì rẹ̀ tààrà lóṣooṣù. Bí ó bá jẹ gbèsè nínú ₦189,000 yẹn, ẹ lè máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó náà. Bí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí káàdì ńlá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, owó ló ń sìn, ẹ wá ẹlòmíràn. Bí ó bá ti ń lù ú tàbí fi ebi pa á, ẹ má dúró de ìpàdé kankan, ẹ mú ìyá kúrò níbẹ̀.

Ṣé kì í ṣe pé ìyá kàn ń gbàgbé ni?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nínú àrùn ìgbàgbé àgbà, ìṣirò owó wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ yẹ̀, kódà nígbà tí ẹni náà ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó lè gba owó, kó fi pamọ́ sínú ìkòkò, kó sì fẹ̀sùn kan ọmọ tó mú un wá. Wọ́n ti lé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin aláìṣẹ̀ kúrò nílé nítorí èyí. Sítétímẹ́ǹtì náà ló máa là á: bí owó tó jáde ní POS bá bá èyí tí ọmọ ní òun mú wá dọ́gba, ẹ tú yàrá ìyá wò kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹnì kan pè pé òun ń ti ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì pè, pé wọ́n fẹ́ yọ orúkọ bàbá.

Kó pa fóònù. Ìgbà àyẹ̀wò ni wọ́n máa ń pè jù, nítorí ẹ̀rù máa ń ba àwọn àgbà wa pé orúkọ á já. Wọ́n á ní kó ka nọ́mbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù, tàbí kó san owó kí fáìlì rẹ̀ lè rìn. PTAD kì í gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, àyẹ̀wò tó fi hàn pé ẹni náà ṣì wà láàyè pẹ̀lú ọ̀fẹ́ ni. Kí bàbá bi akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn bóyá àyẹ̀wò kankan ń lọ.

Wọ́n ti ní kí ìyá tẹ̀ka sórí ìwé kan. A ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé ní dandan ni kí ẹni tó kọ ìwé fún un kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sórí rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ kà á, ká túmọ̀ rẹ̀ fún un kó tó tẹ̀ka. Ìwé tí kò ní èyí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó kọ ọ́ bá gbé e dé kóòtù. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ìtẹ̀ka ìyá nìkan ò tó láti tà á. Láti 1959 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilẹ̀ ẹbí tí ọmọ ẹbí kan tà láìsí olórí ẹbí, asán ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Ẹ tètè lọ o, nítorí ẹni tó bá jókòó wò títí wọ́n fi kọ́lé sí i lè pàdánù ẹjọ́ náà.

Níbo la lè fẹjọ́ sùn sí?

Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan tí ìyá ò fọwọ́ sí, kí ẹ sì gba nọ́mbà ẹjọ́ náà. N ó sọ òótọ́ fún yín: bí ìyá bá fúnra rẹ̀ fi PIN lé ẹni náà lọ́wọ́, báńkì á sọ pé ẹ̀bi ìyá ni, ó sì ṣòro kí wọ́n dá owó náà padà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ ni ẹ ti máa gbà á, lójú ẹbí tàbí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àjọ ìjọba tó ń bá aláìní dúró ní kóòtù ní ọ́fíìsì ní Lọ́kọ́ja fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Bó bá jẹ́ pé báńkì ló yí nọ́mbà fóònù ìyá padà láìrí i, tàbí pé owó tún jáde lẹ́yìn tí ẹ ti ní kí wọ́n ti káàdì pa, ẹ̀bi wọn ni ìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ sọ fún wọn sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ fi sítétímẹ́ǹtì àti nọ́mbà ẹjọ́ yẹn mọ́ ọn.